Kí ni kí akọ̀wé kọ? Ìwé ìpàdé àwọn tó dáwó ra tiransifọ́mà

Bí ìjà bá dé láàárín àwọn tó dáwó jọ ṣe nǹkan, ìwé ìpàdé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì bá ojú ewé mẹ́ta tó kún fọ́fọ́. Ta ló fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ta ló kí àwọn àgbà káàbọ̀, ta ló ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun, ta ló dá a lóhùn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣí ìwé gan-an ni kò sí: kí ni wọ́n fẹnu kò lé lórí, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ọjọ́ wo ló sì yẹ kó ti parí rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó kò mọ ìpàdé. Láti Òkè-Àgbò dé Òkè-Ṣópẹ́n, Ojọ̀wò, Atìkòrì àti Jàpárá, kò sí oníṣòwò tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kan, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti bójú tó iṣẹ́ kan pàtó. Ti ẹgbẹ́, ènìyàn lè lọ síbẹ̀ kó kàn lọ fojú rinjú. Ti ìgbìmọ̀ alábòójútó iṣẹ́, owó àwọn ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní ni kí wọ́n máa pinnu. Kì í ṣe àwọn ni yóò gbẹ́ kòtò, kì í ṣe àwọn ni yóò fa wáyà. Bí wọ́n bá jókòó fún wákàtí méjì tí wọn kò pinnu nǹkan kan, wọn kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni, owó inú rẹ̀ kì í sì í ṣe iye tí wọ́n ń ta nǹkan lọ́jà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ká sọ pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti oníṣẹ́ ọwọ́ àádọ́ta lójú títì kan l'Òkè-Àgbò fẹ́ ra tiransifọ́mà tiwọn, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà, ẹ̀rọ ata, fìríìsà àwọn ẹlẹ́ja yìnyín àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó mọ́. Àádọ́ta wọn jókòó, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá N300,000, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Wọ́n yan ènìyàn méje sínú ìgbìmọ̀. Bàbá onípákó ni alága, ìyá ẹlẹ́ja ni akápò, ọmọbìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni akọ̀wé.

Ìgbìmọ̀ náà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ní Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún. Ohun tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ kò ju báyìí lọ: “Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí wọ́n ra tiransifọ́mà 500. Kí alága àti àwọn yòókù rí sí i.”

Gbólóhùn méjì yẹn lè run mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó fà á nìyí. Nọ́ńbà 500 tí wọ́n ń pè, tí wọ́n ń kọ ní 500 kVA, bí agbára ẹ̀rọ náà ti tó ló ń sọ. Kò sọ irú iná tó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Lórílẹ̀-èdè yìí, wáyà ńlá tó ń gbé iná kọjá ní àdúgbò lè jẹ́ 11 kV, ó sì lè jẹ́ 33 kV. Tiransifọ́mà tí wọ́n kọ 11/0.415 sí lára, ti wáyà 11 ni. Èyí tí wọ́n kọ 33/0.415 sí, ti wáyà 33 ni. Bí wọ́n bá gbé ti 33 sórí wáyà 11, iná tó yẹ kó jáde ní 240 yóò di nǹkan bí 80, fìríìsà kankan kò sì ní lè fi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá gbé ti 11 sórí wáyà 33, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà nítòsí. Ẹni tí wọ́n ní kó “rí sí i” yóò dé ọ̀dọ̀ olùtajà, wọn yóò bi í pé 11 ni tàbí 33, yóò sì mú èyí tó wà nílẹ̀ tàbí èyí tí owó rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé tí kò ṣiṣẹ́, ta ni wọn yóò dá lẹ́bi? Ìwé ní kí “alága àti àwọn yòókù” rí sí i. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí wọ́n rán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé ìpàdé ti ń bàjẹ́, wọ́n á ní kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tàbí kò mọ̀wé kọ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni ìwé ti ń bàjẹ́, láti ara ètò ìpàdé, èyí tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ńdà. Ẹ wo àjẹ́ńdà tí wọ́n máa ń há kiri: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ alága, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, àdúrà ìparí. Kí ni “ọ̀rọ̀ owó”? Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ owó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó náà ni wọn yóò máa sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àjẹ́ńdà ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbéèrè tó ní ìdáhùn. “Àwọn mọ́kàndínlógún kò tíì san owó wọn, kí ni ká ṣe?” Ìbéèrè nìyẹn. “Tiransifọ́mà 11 ni a ó rà tàbí 33, ta ni yóò sì lọ wádìí?” Òun náà nìyẹn. Ẹni tó bá ka irú àjẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú yóò ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun ní Sátidé.

Bí wọ́n ti tò ó tẹ̀ léra náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi “olùtajà wo ni a ó bá rajà” ṣáájú “irú tiransifọ́mà wo”, wọn yóò fi ogójì ìṣẹ́jú ná owó ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Kí wọ́n sì kọ iye ìṣẹ́jú sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún ènìyàn nípàdé tó kọjá, ogún fún àwọn tí kò tíì sanwó, ọgbọ̀n fún irú ẹ̀rọ. Àwọn àgbà kan lè bínú pé wọ́n ń fi aago lé àwọn lẹ́nu. Kí wọ́n bínú díẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé ní ọ̀sán Sátidé, ó mọ iye tí wákàtí kan ń ná òun.

Ìpàdé kejì ìgbìmọ̀ wa yìí bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní Ọjọ́rú ni akọ̀wé ti fi àjẹ́ńdà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò ìwé báńkì tó fi hàn pé àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti san tiwọn pé, tó jẹ́ N9,300,000, tó sì ku N5,700,000. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tún ní máa béèrè nípàdé pé èló ló wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn mọ́kàndínlógún ló kọ́kọ́ gbóná. Wẹ́dà kan ní kí wọ́n má já iná fún ẹni tí kò bá san. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Alága ní kí wọ́n kọjá sí ọ̀rọ̀ tó kàn. Akọ̀wé ní:

“Bàbá, ẹ má bínú, kí ni kí n kọ?”

“Kọ ọ́ pé a ti gbọ́.”

“‘A ti gbọ́’ kò lè gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, sà. Ṣé ìpinnu ni, àbí ìmọ̀ràn?”

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní àṣẹ láti béèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì kà á sí àfojúdi. Kí wọ́n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, kí akọ̀wé ka ohun tó kọ sókè, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń jáde. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí kà á sókè pé “ìgbìmọ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n já iná fún ẹni tí kò san”, ẹnì kan rántí pé kì í ṣe ìgbìmọ̀ ló ń já iná fún ènìyàn. IBEDC ni. Bí ẹ̀rọ bá ti wà lórí wáyà wọn, àwọn ni wọn yóò máa lò ó, àwọn ni yóò sì máa fún ènìyàn níná. Ìgbìmọ̀ kò lè fi ohun tí kì í ṣe tiwọn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí pé wọ́n kà á sókè, irọ́ ni ìbá wà nínú ìwé wọn, àwọn tó ti sanwó ìbá sì gbójú lé e.

Kí ni wọ́n wá lè ṣe fún ẹni tó san? Ìlànà kan wà tí àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé jáde ní 2015 lórí ìdókòwò sínú ohun èlò iná. Àjọ náà ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé ojúṣe ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ni láti ra tiransifọ́mà. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàárà bá fẹ́ fi owó ara wọn rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé kí wọ́n tó rà á, kí ìwé náà sì sọ bí owó yóò ṣe padà sọ́wọ́ wọn. Ẹni tó rà á láìtọwọ́ bọ ìwé kankan kò ní ohun tí yóò fi gba owó rẹ̀ padà. Òfin iná ti 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná tiwọn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lónìí ní láti kọ́kọ́ béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa yí ohùn padà: orúkọ àwọn tó sanwó, àti iye tí wọ́n san, ni wọn yóò so mọ́ ìwé àdéhùn náà, kó lè jẹ́ pé ẹni tó san ni owó yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò san kò ní sí nínú rẹ̀.

Báyìí ni ojú ìwé ọjọ́ náà ṣe wá rí:

“Ìpinnu 2. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé kí akápò fún gbogbo ẹni tó bá sanwó ní rìsíìtì, kí orúkọ wọn sì wà nínú àdéhùn tí a ó bá IBEDC ṣe. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni owó sísan yóò parí. Iṣẹ́: akápò yóò mú orúkọ gbogbo àwọn tó ti san wá sí ìpàdé ọjọ́ 20.

“Ìpinnu 3. Tiransifọ́mà tí a ó rà ni 500 kVA, 11/0.415 kV, bí lẹ́tà IBEDC bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé wáyà 11 kV ló kọjá níbẹ̀ àti pé 500 tó fún ẹrù àdúgbò. Owó kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò ní báńkì kí lẹ́tà náà tó dé. Mẹ́fà fara mọ́ ọn, ẹnì kan kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́: akọ̀wé yóò mú lẹ́tà ìbéèrè lọ sí ọ́fíìsì IBEDC ní Mọ́ńdè ọjọ́ 8, yóò sì mú ẹ̀dà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù padà wá.”

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ gùn nínú rẹ̀, kò sì sí àwáwí. Ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan ni wọ́n kọ sí iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ ènìyàn méjì, èkíní yóò máa wo ojú èkejì. Ẹ kíyè sí ẹ̀rí náà pẹ̀lú. Wọn kò sọ pé kí akọ̀wé “bá IBEDC sọ̀rọ̀”, nítorí ẹni tó bá òṣìṣẹ́ wọn pàdé lójú ọ̀nà náà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan tún wà tí akọ̀wé yìí kọ, tí ọ̀pọ̀ kì í kọ. Ó kọ aago tí wẹ́dà dìde lọ síbi ìsìnkú, nítorí wọ́n ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé bí ènìyàn kò bá pé mẹ́rin, wọn kò lè pinnu nǹkan kan. Bí ìpinnu bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ku mẹ́ta, ìmọ̀ràn lásán ni. Ó tún kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ jẹ́wọ́ pé àbúrò òun wà lára àwọn mẹ́ta tó fẹ́ tajà fún wọn, ó sì bọ́ síta nígbà tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ olùtajà. Kò sí ẹ̀gàn nínú ìyẹn. Ẹ̀gàn wà níbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ọ lóde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ kejì ìpàdé, ó ya fọ́tò ojú ìwé náà, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá kó tó fi ránṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ti ní ìpàdé tirẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n WhatsApp kì í ṣe ìwé ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ kánjúkánjú bá dé tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí fóònù, wọ́n ní láti kà á sókè nípàdé tó kàn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ohùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá òru kò tó ẹ̀rí láti fi ná mílíọ̀nù.

Ìpàdé kẹta, ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, ló fi ìwúlò gbogbo èyí hàn. Lẹ́tà dé. Wáyà tó kọjá níbẹ̀, 33 kV ni. Gbogbo wọn ló ti rò pé 11 ni. Ọpẹ́lọpẹ́ gbólóhùn kan, “owó kankan kò gbọ́dọ̀ kúrò ní báńkì”, wọn ìbá ti ra ẹ̀rọ tí wọn kò lè lò.

Akọ̀wé mìíràn á gé Ìpinnu 3 kúrò tàbí kó fi lẹ̀ẹ́dì tuntun kọ 33 lé e lórí. Èyí kò dára. Ìpinnu 3 yóò wà níbẹ̀ bó ti wà, nítorí òun ni wọ́n pinnu lọ́jọ́ náà. Tuntun ni wọn yóò kọ: “Ìpinnu 6, tó rọ́pò Ìpinnu 3.” Bó bá jẹ́ àṣìṣe ìkọ̀wé lásán ni, bí ẹni kọ ọgbọ̀n dípò ogún, kí wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kó ṣì ṣeé kà, kí alága fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n rán pọ̀, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, ló dára jù. Bébà tí wọ́n há sínú fáìlì rọrùn láti yọ.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú. Olùtajà tún owó rẹ̀ ṣe fún ẹ̀rọ 33, ó fi N1,200,000 lé e, àpapọ̀ sì di N16,200,000. Alága ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi N24,000 kún un, kí ọ̀rọ̀ parí. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn àádọ́ta fọwọ́ sí. Ìgbìmọ̀ lè yan olùtajà, ó lè yan irú ẹ̀rọ, ó lè sún ọjọ́ síwájú díẹ̀. Kò lè na kọ́bọ̀ kan kọjá ohun tí àwọn tó ni owó yọ̀ǹda. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé: “Ìpinnu 7. Ìgbìmọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ N1,200,000 lọ síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 27, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi N24,000 kún un. Iṣẹ́: alága ni yóò ṣàlàyé, lẹ́tà IBEDC yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Ọjọ́ méje ni ìyẹn dá wọn dúró. Àwọn kan lè sọ pé ìfàsẹ́yìn ni. Ẹni tó ti rí ibi tí àádọ́ta ènìyàn ti ń ké “ta ló ní kẹ́ ẹ ná an?” kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí kò ṣe náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Akápò kò mú orúkọ àwọn tó sanwó wá ní ọjọ́ 20, ó ní ara òun kò yá. Wọ́n kọ ọ́ pé kò tíì ṣe, wọ́n fún un ní ọjọ́ tuntun. Bí ó bá tún di ìgbà kejì tí kò ṣe, kí ìgbìmọ̀ má tún ọjọ́ sún. Kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé láti oṣù dé oṣù ló ń kọ́ àwọn tó kù pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ní láárí.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, sọ pé ìwé ìpàdé ilé-iṣẹ́ tí alága ìpàdé náà, tàbí alága ìpàdé tó tẹ̀ lé e, bá fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ àádọ́ta oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ilé-iṣẹ́, òfin kò sì fi dandan mú wọn. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé kẹta ni akọ̀wé ti ka ìwé ìpàdé kejì, wẹ́dà ní aago márùn-ún kọjá ogún ni òun lọ, kì í ṣe aago márùn-ún géérégé, wọ́n tún un ṣe, Bàbá onípákó sì fọwọ́ sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ akápò, nínú àpótí kan náà tí ìwé báńkì wà.